Ìjábọ̀ tí mo kọ fún àwọn aláṣẹ lẹ́yìn tí ímeèlì ilé-ẹ̀kọ́ wa fi ọjọ́ méjì padà sẹ́yìn

Olùtọ́jú Sáfà, Tánkẹ̀, Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ tí à ń fi ìwé owó ilé-ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí àwọn òbí gan-an ni gbogbo ímeèlì tí a bá fi ránṣẹ́ ń padà wá bá wa. Ohun tó wà nínú èyí tó padà nìyí (mo ti fi nọ́ńbà àpẹẹrẹ rọ́pò tiwa):

```
554 5.7.1 Service unavailable; Client host [192.0.2.10] blocked using zen.spamhaus.org
```

Àwọn aláṣẹ gbà pé íńtánẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́, nítorí náà ohun tí mo kọ́kọ́ là yé wọn nínú ìjábọ̀ ni pé ímeèlì àwọn òbí ń wọlé geere, tiwa tó ń jáde nìkan ni wọ́n ń kọ̀. Nígbà tí mo wo àkọsílẹ̀ sáfà, orúkọ kan ṣoṣo ló ń tún ara rẹ̀ sọ níwájú `sasl_username=` láti òru mọ́jú. Àkáùntì olùkọ́ kan ni. Ó ti tẹ páásíwọọ̀dù rẹ̀ sójú ewé ayédèrú kan tó ní àpótí ímeèlì rẹ̀ ti kún, àwọn oníjìbìtì sì ń fi sáfà wa tan ìwé kálẹ̀. Mo yí páásíwọọ̀dù náà padà, mo pa ìwé wọn tó kù lórí ìlà rẹ́, lẹ́yìn náà ni mo tó bẹ Spamhaus, àwọn tó ń kọ IP tó ń tan ìwé ìjìbìtì sílẹ̀, pé kí wọ́n yọ wá kúrò nínú àkọsílẹ̀ wọn.

Ìbéèrè Alàájà akápò ni ó mú kí ìjábọ̀ náà gùn: ṣé òbí tí kò rí ìwé yóò san owó ìtanràn? Mo ní láti ya ìwé sí ọ̀nà méjì. Èyí tí wọ́n fi nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5 kọ̀ ti parí, àfi kí a tún un fi ránṣẹ́. Èyí tí wọ́n fi 4 dá dúró, Postfix tó ń fi ímeèlì wa ránṣẹ́ yóò máa gbìyànjú rẹ̀ fúnra rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Mo yọ orúkọ àwọn òbí tó wà ní ọ̀nà àkọ́kọ́ jáde fún ọ́fíìsì rẹ̀, àwọn aláṣẹ sì sún ọjọ́ ìsanwó síwájú. Ẹ̀yin tó ti kọ irú ìjábọ̀ yìí rí, kí ni ẹ fi sínú tiyín?

Ará Ọ̀fà

Ó ṣẹlẹ̀ sí àwa náà. Àwọn òbí ní àwọn kò rí ìwé wa, àṣé inú fódà ímeèlì ìjẹ̀kújẹ ló wà. A yí àkọlé ìwé náà padà, ó sì tán.

Olùtọ́jú Sáfà, Tánkẹ̀, Ìlọrin

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n tiyín dé ọwọ́ òbí. Tiwa kò kọjá ẹnu ọ̀nà.

Ọmọ Ajàṣẹ́-Ìpo

Kí ẹ kàn gba àdírẹ́ẹ̀sì IP tuntun. Ìyẹn yá ju ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ.

Bàbá Òmù-Àrán

Àbúrò, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé ìwé yóò jáde ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí páásíwọọ̀dù bá ṣì wà lọ́wọ́ oníjìbìtì, tuntun náà kò ní pẹ́ kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó sì tún ní láti ṣètò àkọsílẹ̀ DNS rẹ̀, ìyẹn SPF àti PTR. Kí ẹ tó kọ̀wé sí aláṣẹ, ẹ yí IP náà sẹ́yìn, kí ẹ béèrè:

```
dig +short 10.2.0.192.zen.spamhaus.org
```

Bí ìdáhùn bá jẹ́ 127.0.0.3, àkọsílẹ̀ Spamhaus tí wọ́n ń pè ní CSS ló mú yín. Bí ó bá jẹ́ 127.0.0.4, èyí tí wọ́n ń pè ní XBL ni. Mo rí ẹnì kan tó gba ẹnu 8.8.8.8, ẹ̀rọ DNS Google, béèrè, tó rí 127.255.255.254, tó sì lọ kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ pé wọ́n ti dí àwọn. Rárá o. Spamhaus ló ń sọ pé òun kì í dá ẹni tó gba ibẹ̀ béèrè lóhùn. Ẹ lo ẹ̀rọ DNS tiyín.

Ìyá Ìbejì, Ìgbàjà

Ṣé ẹ kọ orúkọ olùkọ́ náà sínú rẹ̀? Lójú tèmi, ó yẹ kí àwọn aláṣẹ mọ̀ ọ́n.

Olùtọ́jú Sáfà, Tánkẹ̀, Ìlọrin

"Àkáùntì olùkọ́ kan" ni mo kọ, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni mo sì sọ ọ́ fún lẹ́nu. Bí a bá kọ orúkọ rẹ̀, ẹlòmíràn tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yóò fi pamọ́, a ó sì pẹ́ kí a tó mọ̀.

Bàbá Òmù-Àrán

Èmi kọ orúkọ nínú tèmi, nítorí pé àwọn aláṣẹ ní àwọn kò ní bu ọwọ́ lù ú láìsí i. Ohun tí ẹ kò tíì mẹ́nu bà ni pé kí sáfà máa dá àkáùntì tó bá fi ìwé tó pọ̀ ju ti olùkọ́ ránṣẹ́ láàárín wákàtí kan dúró. Ẹ béèrè owó rẹ̀ nínú ìjábọ̀ yìí, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn wọ́n.