Ṣúgà ìyá mi ń dára lọ́jọ́ kílíníìkì, síbẹ̀ oówo àti ìtọ̀ títa kò fi wọ́n sílẹ̀

Olùbéèrè, Àkúrẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìyá mi tí ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba ti pé ọmọ ọdún 61, wọ́n sì ti ń lo mẹ́tífọ́mìnì fún ìtọ̀ ṣúgà láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ní ọdún yìí, oówo kan yọ sí ẹ̀yìn ọrùn wọn. Kó tó jiná dáadáa, òmíràn ti yọ sí abíyá, lẹ́yìn náà ni ti itan. Láàárín èyí, ìtọ̀ ń ta wọ́n bí ẹni pé wọ́n fi ata sí i, ojú ara sì ń yún wọn débi pé wọn kì í lè jókòó pẹ́ ní ìsọ̀. A ra òògùn apakòkòrò ní kẹ́míìsì. Ara á balẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tún padà. Ohun tó ń dà mí lọ́kàn rú ni pé nígbàkígbà tí wọ́n bá lọ sí kílíníìkì, ṣúgà òwúrọ̀ tí wọ́n ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó jẹun máa ń wà láàárín 112 sí 124, wọ́n sì máa ń sọ fún wọn pé wọ́n ń ṣe dáadáa. Ṣé ṣúgà yìí náà ló ń fa oówo àti ìtọ̀, àbí ká wá nǹkan mìíràn lọ?

Oníkẹ́míìsì, Ìdànrè
Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Bí ṣúgà bá wà ní 112, ẹ fi ọ̀rọ̀ ṣúgà sílẹ̀. Ooru ọjà àti òógùn ni, pẹ̀lú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lò. Mo máa ń rí àwọn tí ń lo òògùn apakòkòrò fún ọjọ́ méjì. Bí ìrora bá ti lọ, wọ́n á gbé ìyókù pamọ́, kòkòrò tó kù á sì di alágídí. Ẹ jẹ́ kí màmá lo èyí tó le jù, kí wọ́n sì lò ó tán.

Nọ́ọ̀sì àgbà, Ọ̀wọ̀
Òótọ́ ni ọ̀gá sọ nípa òògùn tí a kò lò tán, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ pé ká fi ọ̀rọ̀ ṣúgà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò fara mọ́ pé ká ra òmíràn tó tún le jù. Nọ́ńbà òwúrọ̀ ń sọ bí ṣúgà ṣe wà ní wákàtí yẹn nìkan. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀wà díẹ̀ lálẹ́, tó lo òògùn rẹ̀ pé, lè ní 115 láàárọ̀ ọjọ́ kílíníìkì, kí ó sì jẹ́ pé ṣúgà rẹ̀ ń ga ju 200 lọ ní ọjọ́ tó kù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí oówo fi ń bá a rìn. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò jà kì í yára dé ojú ọgbẹ́, wọn kì í sì í lè pa kòkòrò bó ti yẹ. Kòkòrò tó ń gbé lára awọ láìṣe ohunkóhun á wá rí àyè wọ ihò irun. Ní ti ìtọ̀, bí ṣúgà bá ti kọjá nǹkan bí 180, kídìnrín ọ̀pọ̀ èèyàn kò lè dá gbogbo rẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀ mọ́, ó ń bá ìtọ̀ jáde. Ṣúgà yẹn ni irú èéhù kan máa ń jẹ ní ojú ara obìnrin, òun ló ń fa yíyún àti ohun funfun bí wàrà dídì. Lára ọkùnrin, orí okó á pọ́n, awọ rẹ̀ á sán. Àpakòkòrò tí ẹ ń rà kì í pa èéhù yìí, ó tilẹ̀ lè jẹ́ kó pọ̀ sí i. Nítorí náà, yíyún àti ìtọ̀ títa lè jẹ́ àìsàn méjì tó yàtọ̀ síra.

Ẹ yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gún ìka. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan tí màmá ń jẹ oúnjẹ wọn bí wọ́n ṣe máa ń jẹ ẹ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó jẹun láàárọ̀, àti wákàtí méjì lẹ́yìn òkèlè àkọ́kọ́. Kí ẹ sì béèrè HbA1c, tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, ẹ sọ ọ́, nítorí ó lè ṣì wọ́n lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ìtọ̀ fún kọ́ṣọ̀, àyẹ̀wò tó ń fi irú kòkòrò àti òògùn tó lè pa á hàn, kí wọ́n tó tún gbé òògùn mì.

Ìyá Ìbejì, Oǹdó
Ẹ̀yin ará, òògùn ṣúgà ló ń fa yíyún yẹn! Ọkọ mi ló ṣẹlẹ̀ sí. Láti ìgbà tí wọ́n fún un ní dapagilifilósíìnì ni ojú ara rẹ̀ ti ń yún un. Ẹ jẹ́ kí màmá dá òògùn dúró kíá.

Nọ́ọ̀sì àgbà, Ọ̀wọ̀
Ìyá Ìbejì, ti ọkọ yín ṣeé ṣe gan-an, nítorí òògùn yẹn ń ti ṣúgà jáde sínú ìtọ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà rẹ̀ mọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe ohun ìtìjú. Bí abẹ́ rẹ̀ bá sì ń wú, tó ń dùn ún gan-an, tí ara rẹ̀ ń gbóná, kí ẹ lọ lóru ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n mẹ́tífọ́mìnì kì í ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ìyá olùbéèrè má dá a dúró.

Olùbéèrè, Àkúrẹ́
Ẹ ṣeun gan-an. A yẹ̀ ẹ́ wò. Láàárọ̀, a rí 168, 159 àti 175. Wákàtí méjì lẹ́yìn iyán, ó jẹ́ 262. Lẹ́yìn àmàlà, 238. HbA1c jáde ní 9.1. Nígbà tí mo fi pẹ̀lẹ́ béèrè, màmá ní bí kílíníìkì bá ku ọjọ́ méjì, àwọn kì í jẹ iyán, àwọn sì máa ń lo òògùn láàárọ̀ àti lálẹ́. Ní ọjọ́ mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan ni àwọn ń lò ó, nítorí pé ó ń da inú àwọn rú. Kọ́ṣọ̀ fi hàn pé kòkòrò inú ìtọ̀ kò gbọ́ ti òògùn tí à ń rà, dókítà sì ti yí i padà. Wọ́n fún wọn ní òògùn èéhù lọ́tọ̀, wọ́n sì pààrọ̀ mẹ́tífọ́mìnì sí èyí tó ń tú díẹ̀díẹ̀ nínú ikùn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ínsúlìnì, màmá kò tíì gbà.

Olùkọ́, Ọ̀kà Àkókó
Láyé àtijọ́, èèrà tó ṣù bo ìtọ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ṣé kò tó ká máa wo èèrà?

Nọ́ọ̀sì àgbà, Ọ̀wọ̀
Èèrà lè sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ dé. Bí ó bá dé, ó sábà máa ń jẹ́ pé ṣúgà ti kọjá 180. Ohun tó lè ṣáájú ni yíyún tó ń padà, awọ abẹ́ ọmú tó ń pọ́n, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó ń jẹrà, oówo tó ń yọ lé ara wọn, àti jíjí tọ̀ lóru. Ẹni tó ti ní ìtọ̀ ṣúgà tipẹ́ lè má mọ̀ ọ́n lára pé ìtọ̀ ń ta á, nítorí náà ẹ máa wo bóyá ìtọ̀ dúdú, rú tàbí ń rùn. Bí ibà bá dé pẹ̀lú ìrora ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn àti èébì, kí wọ́n má dúró de àárọ̀.

Olùbéèrè, Àkúrẹ́
Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní oówo kan báyìí ní ìdí. Ṣé ìtọ̀ ṣúgà ni tirẹ̀ náà?

Nọ́ọ̀sì àgbà, Ọ̀wọ̀
Oówo kan ṣoṣo kì í sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò ní ṣúgà ló ń ní in. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kànrìnkàn tàbí aṣọ ìnura tí òun àti ìyá àgbà jọ ń lò. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ fọ aṣọ ibùsùn pẹ̀lú omi gbígbóná, ẹ má sì fi ọwọ́ tẹ oówo náà. Bí ó bá ń mu omi jù, tó ń rù, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ̀ sórí ibùsùn, kí wọ́n gún ìka rẹ̀ lónìí.