Bí àkókò bọ́ọ̀sì ò ṣe ní kúrò lórí òpó rẹ̀ tí a bá ń túmọ̀ rẹ̀ láti inú fọ́tò

Ọmọ Ìpẹru, Ítálì: Ẹ kú déédéé àsìkò, ẹ̀yin ará ilé. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láti Ìpẹru, Yorùbá nìkan ni wọ́n sì lè kà. Mo ya àkókò bọ́ọ̀sì tó wà ní ibùdókọ̀ wa ní fọ́tò, mo ní kí fóònù kọ ọ́ jáde. Gbogbo nọ́ńbà ló jáde, àmọ́ wọ́n kàn tò lọ gbọọrọ, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti bọ́ọ̀sì wo mọ́.

Ìyá Ìbejì: Gé fọ́tò náà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, òpó kan lẹ́ẹ̀kan. Bí mo ṣe ń ṣe ìwé iye owó ẹran nìyẹn. Ó parí.

Atẹ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde: Kò tíì parí o, Ìyá Ìbejì. Bí kò bá sí àyè tó ṣófo, ọ̀nà yẹn dáa. Ibi tó ṣófo gan-an ni wàhálà wà, torí fóònù kì í ka òfìfo, nọ́ńbà tó kù á kàn sún dí i. Tí o bá kà á lọ sí ọ̀tún, á sún sí òsì. Tí o bá gé e lóòró, á sún sókè, àkókò ibùdókọ̀ kan á wá bọ́ sọ́wọ́ òmíràn. Ẹ wò ó:

```
Stazione   06:40  07:10  07:40  08:10
Ospedale   06:47    |    07:47  08:17
Mercato    06:54  07:24  07:54  08:24
```

Bọ́ọ̀sì 07:10 kì í dúró ní Ospedale, ìyẹn ilé ìwòsàn. Tí fóònù bá fo igi kékeré yẹn, 07:47 á bọ́ sábẹ́ 07:10, màmá á wọ bọ́ọ̀sì náà, á sì gbé wọn kọjá ilé ìwòsàn.

Ka òpó kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀: àkókò gbọ́dọ̀ máa lọ síwájú. 07:10, 07:47, 07:24 ti padà sẹ́yìn, ó ti sún nìyẹn. Àmọ́ ká ní bọ́ọ̀sì 07:10 dúró nílé ìwòsàn ní 07:17, tó wá jẹ́ ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá ni àyè rẹ̀ ti ṣófo, kò ní padà sẹ́yìn. Wàá rí 07:10, 07:17, 07:54, á sì dà bíi pé ó pé. Ìrìn tó ń gba ìṣẹ́jú 7 ló di 37 yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ka iye àpótí lórí ìlà kọ̀ọ̀kan kí n tó ka nọ́ńbà rárá. Bọ́ọ̀sì 4, àpótí 4, kódà kó jẹ́ dáàṣì ló wà nínú ọ̀kan.

Àgbà Ṣàgámù: Ṣé kì í ṣe ẹni tó ní òǹtẹ̀ ló yẹ kó túmọ̀ ìwé ìjọba? Àti pé nílé níbí, mọ́tò tó bá kún ló ń lọ.

Atẹ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ̀gbọ́n, ti ibùdókọ̀ ni o, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí.

Ọmọ Ìpẹru, Ítálì: Ẹ ṣé gan-an sà. Ibo ni kí n wá kọ ọ́ sí?

Atẹ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde: Inú Google Sheets. Kó o tó kọ nǹkan kan, yan gbogbo àpótí, tẹ Format, Number, kó o wá mú Plain text. Ìwé àkókò míì máa ń kọ 7.10. Tó ò bá ṣe èyí, ó lè sọ ọ́ di 7.1. Fi dáàṣì sí gbogbo ibi tó ṣófo. Má ṣe fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ìtumọ̀ rárá, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ túmọ̀ lára wọn. Orúkọ ibùdókọ̀ náà, fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, torí òun ni màmá máa rí lára pátákó. Kọ àlàyé Yorùbá sí òpó tuntun lápá ọ̀tún pátápátá. Tó o bá fi í sáàárín, o ti tún da òpó rú.

Má fi ránṣẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán lórí WhatsApp, fífẹ̀ lẹ́tà ò dọ́gba níbẹ̀. Sọ ọ́ di PDF.

Ìyá Ìbejì: Ó yé mi. Lórí ìwé ẹran tèmi, orí òpó ni mo gé kúrò. Mo rò pé 1,80 ni kílò kan, àṣé gíráàmù 100 ni. Ibi tí orúkọ ẹran gùn dé ìlà kejì pàápàá, orúkọ pọ̀ ju iye owó lọ.

Atẹ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ so ìlà méjèèjì yẹn pọ̀ kẹ́ ẹ tó to iye owó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ má sì gé orí òpó mọ́. Ti bọ́ọ̀sì náà, orí òpó ló ń sọ èyí tó jẹ́ ti Mọ́ńdè sí Sátidé àtèyí tó jẹ́ ti Sọ́ńdè.

Ọmọ Ìpẹru, Ítálì: 14:10 ńkọ́? Ṣé kí n kọ ọ́ ní aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá?

Ìyá Ìbejì: Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ jàre, kò ní ṣi màmá lọ́nà.

Atẹ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde: Èmi ò ní yí i padà. 14:10 ni wọ́n máa rí níbùdókọ̀, òun náà ni kó wà lọ́wọ́ wọn.

Ìyá Ìbejì: Aago ọwọ́ màmá ńkọ́? Ṣé 14 wà lójú ẹ̀ ni?