Ẹja àrọ̀ 500 mú èrè wá: ṣé kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí n tó kó 3,000?

Abẹ̀kẹ́ Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ ìṣirò kan wò. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mò ń ṣe, ₦165,000 ló ń wọlé sí mi lọ́wọ́ lóṣù. Mo da ọmọ ẹja àrọ̀ 500 sínú tapólì kan lẹ́yìnkùlé bàbá mi, ẹsẹ̀ bàtà 10 ní gígùn, 10 ní fífẹ̀, 4 ní jíjìn. Oṣù márùn-ún ni mo fi bọ́ wọn. 430 ni mo rí tà, gbogbo rẹ̀ wọn kílò 400, mo sì ta kílò kọ̀ọ̀kan ní ₦3,000. ₦1,200,000 nìyẹn. Oúnjẹ àpò 31, oníkílò 15, ní ₦26,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, gba ₦806,000. Ọmọ ẹja gba ₦60,000. Epo pọ́ǹpù, iyọ̀ àti owó ọkọ̀ gba ₦45,000. ₦289,000 ló kù sí mi lọ́wọ́.

Tí mo bá kó 3,000, ìlọ́po mẹ́fà èrè yẹn á jẹ́ ₦1,734,000, ìyẹn ₦346,800 lóṣù. Ó ju ìlọ́po méjì owó oṣù mi lọ. Mo ti kọ lẹ́tà, ó wà nínú dúrọ́ọ̀. Ṣé kí n fi ṣọwọ́ kí n tó kó ẹja náà, àbí kí n ṣì máa ṣe méjèèjì pọ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ẹ fi lẹ́tà yẹn ṣọwọ́, àǹtí. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Ẹja ń fẹ́ ojú. Tí omi bá bàjẹ́ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, tí ẹ ò sì kúrò ní ọ́fíìsì títí di aago mẹ́rin, òkú ẹja lẹ máa bá nílé. 500 ṣe é fi ọwọ́ kan mú. 3,000 kò ṣe é ṣe bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé Àgbà
Kò tiẹ̀ sí ohun tí à ń rò. Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 kọ̀ ọ́ fún òṣìṣẹ́ ìjọba láti máa ṣòwò tirẹ̀ nígbà tó ń gba owó oṣù. Ẹ yan ọ̀kan, tàbí kí ẹ fi orúkọ ẹlòmíì bò ó.

Bọ́dà Tapólì
Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ kà á dé ìdajì. Àfikún Karùn-ún ìwé òfin náà, ìpínrọ̀ kejì, ló ka òwò léèwọ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ kíkún, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ kan náà ló sọ pé kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti dáko. Ẹja sísìn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi orúkọ aládùúgbò bò. Ohun tí wọ́n lè mú yín sí ni pé ẹ fi àkókò iṣẹ́ ìjọba lọ bọ́ ẹja.

Àǹtí Abẹ̀kẹ́, kí a tó dé orí lẹ́tà, ẹ dá mi lóhùn ní mẹ́rin. Ta ló ra kílò 400 yẹn? Omi ta ni? Ta ló ń bọ́ wọn nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́? Nínú àpò 31 yẹn, mélòó lẹ rà ní ọ̀sẹ̀ méje tó kẹ́yìn, owó wo lẹ sì fi rà á?

Abẹ̀kẹ́ Ìbàdàn
Ẹ ṣé, bọ́dà. Àwọn ará ọ́fíìsì àti ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ló rà á, méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta. Omi bọ́họ̀lù bàbá mi ni, n kì í sanwó. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń wò wọ́n ní ọ̀sán, ó ń dúró de ilé ẹ̀kọ́ gíga. Àpò 17 ni mo rà ní ọ̀sẹ̀ méje ìparí. Owó oṣù mi ni, pẹ̀lú ₦250,000 tí mo yá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́.

Ìyá Tawa
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Àpò 31 fún ẹja 500 pọ̀ jù lójú tèmi. Ẹ dán oúnjẹ tí wọ́n ń lọ̀ níbí wò, ó dínwó. Èmi náà ní ìbéèrè: olùkọ́ ni mí, mò ń ta aṣọ àǹkárá lórí fóònù, ó ń yá. Ṣé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀?

Bọ́dà Tapólì
Ìyá Tawa, àpò 31 kò pọ̀. Kílò 465 nìyẹn fún ẹja kílò 400, ìyẹn kílò kan àti díẹ̀ fún kílò ẹja kọ̀ọ̀kan. Ó dára. Oúnjẹ tó dínwó tó bá jẹ́ kílò méjì ni ẹja máa jẹ kó tó sanra kílò kan, ẹ ò dín nǹkan kan kù. Ti àǹkárá yín yàtọ̀ gédégbé: owó aṣọ ń padà wọlé lọ́sẹ̀ méjì, ẹ lè mọ̀ lóṣù mẹ́ta bóyá ó lè bọ́ yín. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì sọ bóyá ilé ìwé ìjọba ni tàbí ti aládàáni, torí aṣọ títà kì í ṣe oko.

Ó yá, àǹtí Abẹ̀kẹ́. Ìlọ́po mẹ́fà yẹn ni ìṣòro. Kílò 400 lẹ tà fún àwọn tó mọ̀ yín. Kílò 2,400 kò ní tán lọ́wọ́ ará ọ́fíìsì. Àwọn alájàpá tó ń kó ẹja pẹ̀lú ọkọ̀ ló máa rà á, iye tiwọn ni wọ́n sì máa dá. Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n san ₦2,700. Owó tó wọlé jẹ́ ₦6,480,000. Oúnjẹ àpò 186 gba ₦4,836,000, ọmọ ẹja ₦360,000, epo àti ìyókù ₦270,000. Ọmọ kan tó ń wò wọ́n, ẹ fún un ní ₦50,000 lóṣù, ₦250,000. Ó ku ₦764,000. Ẹ pín in sí oṣù márùn-ún: ₦152,800. Ó ti kéré sí owó oṣù tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ₦300 péré la yọ lórí kílò, a sì san owó fún ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ tẹ́lẹ̀. Mi ò tíì ka tapólì márùn-ún mìíràn sí i, tàbí bóyá bọ́họ̀lù bàbá lè gbé omi mẹ́fà.

Ohun kejì le ju ìyẹn lọ. Ọ̀sẹ̀ méje ìparí gba àpò 17 lọ́wọ́ yín. Ní ìlọ́po mẹ́fà, àpò 102 ni, ₦2,652,000, kí ẹ tó rí kọ́bọ̀ kan. Owó oṣù àti alájẹṣẹ́kù ló gbé yín kọjá níbẹ̀. Tí ẹ bá fi lẹ́tà ṣọwọ́, méjèèjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì yọ ìyókù gbèsè yẹn nínú ìfowópamọ́ yín. Ẹja tí ebi bá mú ní oṣù kẹrin kì í kàn dúró lójú kan. Àwọn ṣútà, àwọn tó ti dàgbà ju ẹgbẹ́ wọn lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kékeré mì. Èyí tó kù á wọn gíráàmù 400 sí 500, alájàpá á sì sọ pé èyí kì í ṣe iye tí a jọ sọ.

Ẹ fura sí ìgbà tí ẹja ti tó tán tí oníbàárà kò sì tíì wá. Kílò 2,400, tí ẹ bá bọ́ ọ ní ìdá kan àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, jẹ́ kílò 36 lóòjọ́. Àpò méjì àti díẹ̀ nìyẹn, ₦62,400. Tí alájàpá bá sọ pé "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀", ẹ máa mọ iye tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ́. Ẹja á fi díẹ̀ kún ìwọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní kún tó bó ṣe ń jẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Bọ́dà, ẹ ṣe ìṣirò dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ ò dáhùn ti omi.

Bọ́dà Tapólì
Òótọ́ lẹ sọ níbẹ̀. Ìyẹn ni n kò ṣe pe àbúrò yẹn ní ọ̀fẹ́. Bíbọ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀ àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá iṣẹ́ ọ́fíìsì mu, yíyọ àwọn tó tóbi sọ́tọ̀ ṣe é ṣe ní Sátidé. Omi nìkan ni kò mọ aago. Ẹ kọ́ ẹni tó wà nílé ní ohun tó máa wò: tí ẹja bá dúró gbọọrọ, orí sókè, ìrù nísàlẹ̀, tí wọn kò yà sí oúnjẹ, tí òórùn omi sì ń ta imú, kó má ju oúnjẹ kankan sí i. Kó ṣí ìsàlẹ̀, kó jẹ́ kí ìdajì omi jáde pẹ̀lú ìdọ̀tí, kó wá fi tuntun kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá lè ṣe èyí láìpe yín lórí fóònù ni ẹ ń wá. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìrí i, ẹ̀yin fúnra yín ni ọmọọṣẹ́, ẹ ò sì ní lè lọ síbi ìsìnkú kankan.

Èyí tí màá ṣe nípò yín: kí lẹ́tà dúró sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ fi tapólì kejì kún un, ẹ kó 500 sí ọ̀kan, kí ẹ kó 500 sí ìkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ ṣí àkáǹtì lọ́tọ̀ fún ẹja, kí owó oṣù má wọ ibẹ̀. Ìgbà tí owó àkáǹtì náà bá tán kí ẹja tó tó, ẹ kọ iye tí ẹ yá a sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Òun gan-an ni owó tí ẹ gbọ́dọ̀ ní nílẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ẹ san owó fún àbúrò. Ẹ ta ọ̀kan tán pátápátá fún alájàpá, kí ará ọ́fíìsì má rí ìrù. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan bọ́ sí àkókò ọyẹ́, torí tí omi bá tutù ẹja kì í jẹun dáadáa, oṣù márùn-ún lè di mẹ́fà. Ẹ tún ka òkú ẹja. Nínú 70 tí kò dé orí òṣùwọ̀n, mélòó lẹ fojú rí?

Abẹ̀kẹ́ Ìbàdàn
Bíi 20 ni mo kó jáde. Mo rò pé ìyókù kú sísàlẹ̀ ni.

Bọ́dà Tapólì
Òkú ẹja máa ń léfòó. 50 yẹn, ṣútà ló jẹ wọ́n, tàbí ẹyẹ, tàbí ọwọ́ ọmọ aráyé. Ẹ fi àwọ̀n bo ojú tapólì, kí ẹ sì yọ àwọn tó tóbi ní ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkeje. Tí 50 bá tún sọnù, ẹ mọ èyí tí kì í ṣe ẹyẹ.

Akọ̀wé Àgbà
Mo gbà ti oko. Ṣùgbọ́n àǹtí, ẹ má gbójú lé owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 50 tó fiṣẹ́ sílẹ̀ kò lè fọwọ́ kàn án àfi tí oṣù mẹ́rin bá kọjá tí kò ríṣẹ́ mìíràn, kò sì lè gbà ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan lọ. Tí ẹ bá kó ẹja ní ọjọ́ tí ẹ lọ, owó yẹn, bó bá tiẹ̀ jáde lọ́jọ́ tó yẹ, oṣù kẹrin ló máa bá ẹja. Ẹ tún wo ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín fún iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀.

Abẹ̀kẹ́ Ìbàdàn
Mo pe alájàpá kan lónìí. ₦2,650 ló sọ, ó ní kó má kéré sí kílò 300 lẹ́ẹ̀kan. Màá kó ìkejì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bí ẹ ṣe wí. Tí mo bá wá yan ẹja náà gbẹ kí n tó tà á ńkọ́, kí n lè bọ́ lọ́wọ́ wọn? Ṣé oko ni ìyẹn ṣì jẹ́?

Bọ́dà Tapólì
Ẹja tí ẹ fúnra yín sìn, lójú tèmi, oko ṣì ni.

Akọ̀wé Àgbà
Lójú tèmi, òwò ni. Bó bá di pé ẹ ń ra ti ẹlòmíì yan mọ́ ọn, a ò tiẹ̀ ní jiyàn. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì yín, ní kíkọ sílẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ẹ má béèrè o. Tí ẹ bá béèrè, wọ́n á kọ̀.