Kíkó iṣẹ́ láti inú àtẹ ìṣirò sínú ètò ìtọpinpin iṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ní ọ́fíìsì wa ní Adó-Èkìtì, iṣẹ́ 340 ni a fẹ́ kó. Mo fi ìlà 10 dán an wò nínú fáìlì CSV, ṣùgbọ́n 4 dé láìní ẹni tó ni wọ́n, nítorí pé "Bọ́sẹ̀" àti "Bose" ni a kọ fún ẹnì kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ sì ni ímeèlì ni ètò náà fi ń dá ènìyàn mọ̀. Mo ti fi ímeèlì rọ́pò orúkọ. Ipò iṣẹ́ kò fún wa ní wàhálà.

Ìtàn iṣẹ́ ló kù: gbogbo àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́fà lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú àpótí kan ṣoṣo lórí àtẹ náà, ó sì wọlé pẹ̀lú orúkọ mi àti ọjọ́ òní. Ṣé kí n pín àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí òpó tirẹ̀, kí ọjọ́ àti ímeèlì ẹni tó kọ ọ́ ṣáájú ọ̀rọ̀ náà, àbí kí n ti àtẹ àtijọ́ pa fún kíkà nìkan, kí n sì kọ nọ́ńbà ìlà rẹ̀ sínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan?