Ẹ sọ ìrírí yín lórí kíkọ ìwé ìlànà fún ìlà, ara aṣọ àti ìrísí nínú kàtúùnù

Ayàwòrán Ọ̀fà: Mo ń kọ ìwé ìlànà fún kàtúùnù alápá mẹ́jọ. Mo kọ ọ́ pé kí ìlà tó yí ara ènìyàn ká nípọn ní píksẹ́lì 4, kí ti inú jẹ́ 2, síbẹ̀ iṣẹ́ àwọn ayàwòrán mẹ́ta tí a jọ ń ṣe é kò jọra. Kí ni ojú yín ti rí?

Ẹ̀gbọ́n Tánkẹ̀: Ó ṣẹlẹ̀ sí wa bẹ́ẹ̀. Ìyá arúgbó inú eré wa ga ní píksẹ́lì 540 láti orí dé ẹsẹ̀, nínú férémù 1920 × 1080. Nígbà tí a fẹ́ sún mọ́ ojú rẹ̀, ayàwòrán kan fẹ àwòrán náà ní ìlọ́po mẹ́ta, ìlà 4 sì di 12, débi pé ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ màmá wọnú ara wọn. Ẹnìkejì tún ojú náà yà, ó lo 4 gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí, ojú sì rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn méjèèjì kò jẹ̀bi, nítorí ìwé wa kò sọ bí a ṣe sún mọ́ ènìyàn tó. A wá kọ 3 fún ọ̀nà jíjìn, 4 fún odindi ara, 7 fún ojú nìkan. Ẹ tún wo "Scale Strokes & Effects", èyí tó ń mú kí ìlà nípọn sí i bí a bá fẹ àwòrán, nínú Illustrator gbogbo àwọn ayàwòrán yín, torí bí ó bá wà ní títàn lọ́dọ̀ ẹnìkan tí kò sì sí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ìlà wọn kò lè bára mu.

Ahunṣọ Ìlọrin: Èmi kì í ya kàtúùnù, aṣọ òkè ni mo ń hun, ṣùgbọ́n mo rí eré kan tí ẹni tó wọ aṣọ ń rìn, tí àwọn ìlà aṣọ náà dúró lójú kan. Ó dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n Tánkẹ̀: Òótọ́ lẹ sọ. Férémù ni wọ́n so ara aṣọ náà mọ́, wọn kò so ó mọ́ ènìyàn. Ẹ mú ìlà kan ní èjìká, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni náà rìn: bí ìlà yẹn bá kúrò ní èjìká, àṣìṣe ti wà níbẹ̀. Kí ìwé ìlànà sọ pé a ó so apá aṣọ lọ́tọ̀, a ó so àyà lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá yí ẹ̀yìn padà, àfi kí a tún aṣọ náà yà.

Ọmọ Òmù-Àrán: Ti ìrísí kò le. Ẹni rere a máa rí roboto, ìkà a máa ní ṣóńṣó.

Ayàwòrán Ọ̀fà: Bàbá àgbà inú eré mi dé abetí ajá, etí fìlà náà sì ní ṣóńṣó. Ṣé ìkà ni bàbá?

Ọmọ Òmù-Àrán: Ẹ fi ṣóńṣó sí fìlà nìkan, kí èjìká, ọwọ́ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rí roboto.

Ahunṣọ Ìlọrin: N kò fara mọ́ ọn. Àgbàlagbà tó wọ agbádá kì í rí roboto léjìká.

Ayàwòrán Ọ̀fà: Ẹ̀gbọ́n, mo ti kọ 3, 4 àti 7 sílẹ̀. Bí kámẹ́rà bá ti ọ̀nà jíjìn wá dé ojú láìdúró ńkọ́, èwo ni ká lò?

Ẹ̀gbọ́n Tánkẹ̀: A jẹ́ kí ìlà máa nípọn díẹ̀díẹ̀ láti 3 dé 7, ṣùgbọ́n ní àárín, ìlà ojú ṣì ń gbọ̀n. A kò tíì rí ojútùú rẹ̀.