Inífátà mi kọ pásíwọ́ọ̀dù wáìfáì, fóònù mi sì gbà á

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sólà sílé wa l'Ọ́jọ́bọ̀, nǹkan wáìfáì kékeré kan wà nídìí inífátà tó yẹ kó jẹ́ kí n máa rí bátìrì lórí fóònù, àmọ́ tí mo bá ti tẹ pásíwọ́ọ̀dù ilé wa sí i á ní kò tọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo ti tẹ̀ ẹ́, mo wo lẹ́tà ńlá mo wo kékeré, bẹ́ẹ̀ fóònù gbogbo wa ń gbà á. Mo ti yí i díẹ̀, àmọ́ bó ṣe rí nìyí: `Ile&Ola#2024`

Dàda: Ẹ yọ gbogbo àmì yẹn jàre, wáìfáì ò gba àmì. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín sí i, ẹ ò ní gbàgbé láé.

Mọ́mì Tọ́lá: Èmi ò rántí tiwa mọ́ rárá, báwo ni mo ṣe lè rí i?

Káyọ̀dé Sólà: Mọ́mì Tọ́lá, ẹ yẹ ìdí rọ́tà wò, ó sábà máa ń wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò bá tíì pààrọ̀ ẹ̀ rí.

Ìyá Ìbejì, wáìfáì fúnra ẹ̀ ń gba àmì, lẹ́tà 8 sí 63 ló ń gbà. Áàpù tó ń gbé e lọ bá inífátà ni mo fura sí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti rí `&`, wọ́n á rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, `Ile` nìkan ló máa débẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta péré, ṣé inífátà ò ní kọ̀ ọ́ ni? `%`, `+` àti `#` náà lè dà á rú. Kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ nǹkan kan, ẹ tan họ́tísípọ́ọ̀tì lórí fóònù bàbá wọn, kó wà lórí 2.4 GHz torí ọ̀pọ̀ inífátà ò rí 5 GHz, ẹ fi `agbado4827` ṣe pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi fóònù tiyín so inífátà mọ́ ọn. Tó bá wọlé, àmì ló ń dí yín lọ́wọ́. Tí ò bá wọlé, ẹ má fọwọ́ kan ti ilé, nǹkan mìíràn ni.

Àbẹ̀kẹ́ London: Ti pírǹtà mi nìyẹn! `£` ni mo fi sí i, àmì yẹn ò sì sí lójú pírǹtà rárá.

Ìyá Ìbejì: Ó wọlé o! Kí ni kí n wá fi sí ti ilé, ṣé nọ́ńbà fóònù?

Káyọ̀dé Sólà: Rárá mà. Ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà bí 0803 ò pamọ́ fẹ́nikẹ́ni, 7 péré ló kù láti méfò, kọ̀ǹpútà tètè ń rí ìyẹn. Ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin tí ò bára wọn tan, ẹ lẹ̀ wọ́n pọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, bí `kangaatupabata58igbin`. Ẹ má fi àmì ohùn sí i, ẹ má lo `ọ`, `ẹ` tàbí `ṣ`, àwọn ẹ̀rọ kékeré yìí kì í sábà mọ̀ wọ́n. Ẹ má sì lo eléyìí tí mo kọ o.

Dàda: Àmì `-` láàárín ọ̀rọ̀ ńkọ́?

Káyọ̀dé Sólà: Mo ti rí i tó ṣiṣẹ́, èmi ò kàn ń fi sí ti oníbàárà.

Ìyá Ìbejì: Mo ti pààrọ̀ ẹ̀, inífátà ti wọlé, bátìrì wà ní 71%. Tẹlifíṣọ̀n ló wá já báyìí, mò ń fi rìmóòtù tẹ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan.