Ṣé ìforígbárí ló padà wá, àbí ìmẹ́lẹ́ ló wọ ẹgbẹ́?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́jọ́ Ẹtì ni mo ní ìdánwò lórí ìhùwàsí èèyàn níbi iṣẹ́. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Ẹgbẹ́ alágàrí tí àǹtí mi wà ní Òdogbolu ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Márùn-ún ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, oníkálukú ń bọ̀wọ̀ fún ẹnìkejì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ń jà lórí ẹni tó máa bó ẹ̀gẹ́ àti ẹni tó máa yan gàrí. Wọ́n wá pín iṣẹ́ sí ọjọ́, gàrí sì ń jáde dáadáa. Ó bá ìpele mẹ́rin tí ẹgbẹ́ máa ń gbà kọjá mu, èyí tí Tuckman, onímọ̀ nípa ìhùwàsí èèyàn, là sílẹ̀ ní 1965: ìkórajọ, ìforígbárí, ìfẹnukò, iṣẹ́ ṣíṣe.

Ẹnì kẹfà wá dé, ariwo tún bẹ̀rẹ̀, gàrí sì dín kù. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé wọ́n padà sí ìforígbárí, torí àlejò máa ń da ètò rú. Àmọ́ àǹtí mi ní, "Agbọ̀n mẹ́ta ni mo bó, òun bó ẹyọ kan, owó wa sì dọ́gba!" Ìmẹ́lẹ́ nìyẹn, èyí tó máa ń wà níbi tí a kò ti lè rí ipa ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka agbọ̀n. Iṣẹ́ yá sí i, ṣùgbọ́n wọn ò tíì gbà lórí ẹni tó máa yan gàrí.

Nínú méjèèjì, èwo ni kí n pè ní okùnfà gan-an? Ẹ ṣeun o.